Láìmúwọ́tà tó funfun tó tún mọ́: kí ni ó yẹ kí sìkírípítì fídíò sọ?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS 1 ní kẹ́míṣírì. Mo kọ sìkírípítì fídíò kan ní Yorùbá kí wọ́n lè máa wò ó lórí fóònù kí ọjọ́ píráktíkà tó pé: ìkarahun ìgbín tí a gún, gíráàmù 5, nínú háídíróklórìkì ásíìdì 50 cm3 (2 mol/dm3), kí gáàsì rẹ̀ wọ inú láìmúwọ́tà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'láìmúwọ́tà yóò dà bí wàrà'. Nígbà àkọ́kọ́ tí a yà á, kí n tó gbé fóònù súnmọ́ ọn, omi náà ti mọ́ padà. Nígbà kejì, kò tilẹ̀ funfun rárá. Ṣé kí n fi ohun tí mo kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n kàn fẹnu sọ ọ́? Ìkìlọ̀ mẹ́wàá ni mo sì kà ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà. Ṣé ó tó?"

Àyẹ̀wò yín kò bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀, sìkírípítì yín ló dúró ní ìdajì ọ̀nà. Nígbà kejì ni nǹkan ṣe é lóòótọ́. Omi tó mọ́ gaara ni ẹ rí lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí náà ó rọrùn láti rò pé àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó mú un mọ́ lákọ̀ọ́kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí kò jẹ́ kó funfun lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé kò sí ìdí láti fẹnu sọ ohun tí ojú kò rí.

Ohun tó pọ̀ jù nínú ìkarahun ìgbín ni kálísíọ́mù kábónéètì, CaCO3. Bí ásíìdì bá kàn án, gáàsì kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì á máa jáde, á gba inú ọ̀pá lọ bá láìmúwọ́tà. Láìmúwọ́tà jẹ́ omi tí kálísíọ́mù háídírọ́ksáìdì díẹ̀ yọ́ sí. Gáàsì náà àti ohun tó yọ́ yìí á para pọ̀ di ìyẹ̀fun funfun tín-ín-tín tí kò lè yọ́, òun ló ń mú omi rí bí omi ògì. Ìyẹ̀fun náà sì tún ni CaCO3, ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń gbé bírò wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì kò tíì dúró. Bí ó bá ṣì ń wọlé, òun àti omi á sọ ìyẹ̀fun náà di kálísíọ́mù bàìkábónéètì, èyí tó ń yọ́, omi á sì tún mọ́:

```
CO2 + Ca(OH)2 → CaCO3 + H2O
CaCO3 + CO2 + H2O → Ca(HCO3)2
```

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí ẹ lò, nítorí inú ìṣirò yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Gíráàmù 100 ni móòlù kan CaCO3, nítorí náà gíráàmù 5 jẹ́ móòlù 0.05. Ásíìdì yín jẹ́ móòlù 0.1, ó sì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìkarahun náà, nítorí HCl méjì ni CaCO3 kan ń gbà. Gáàsì tó máa jáde jẹ́ móòlù 0.05. Bí a bá ka móòlù kan sí 24 dm3 nínú yàrá, ìyẹn jẹ́ 1,200 cm3, tàbí kó dín díẹ̀ nítorí pé ìkarahun kì í ṣe CaCO3 nìkan. Gáàsì tó ju lítà kan lọ ni ẹ tú sínú tẹ́sìtúùbù kan. Wàyí o, ẹ wo láìmúwọ́tà. Kálísíọ́mù háídírọ́ksáìdì kì í yọ́ púpọ̀ nínú omi, nǹkan bíi gíráàmù 1.7 ni lítà kan lè gbà. Bí ẹ bá bu 10 cm3 sínú tẹ́sìtúùbù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju móòlù 0.00023 lọ. Gáàsì tó tó 5 tàbí 6 cm3 péré ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Bí ìwọ̀n kan náà bá tún yọ́ wọ inú omi náà lé e, nínú ìṣirò, ó ti tó láti mú un mọ́ padà. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo gáàsì tó gba inú omi kọjá ló ń yọ́ sínú rẹ̀, apá tó pọ̀ ń sá jáde lókè. Síbẹ̀, níbi tí 1,200 cm3 ti ń ya lu omi tí kò nílò ju nǹkan bíi 12 lọ nínú ìṣirò, ìgbà tí omi fi funfun lè kúrú gan-an. Bí ẹ ṣe tẹ̀ síwájú láti gbé fóònù súnmọ́ ọn, ó ti kọjá.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́? Gígún tí ẹ gún ìkarahun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìkarahun ìgbín ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lára, ó sì ní ohun tó dà bí èyí tó wà nínú ẹran díẹ̀ láàárín CaCO3 rẹ̀. Bí ásíìdì bá bá a, kì í hó lásán, ó máa ń yọ ìfófòó bí ọṣẹ. Ìkarahun tí a gún kúnná, gbogbo ara rẹ̀ ni ásíìdì ń bá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìfófòó náà á sáré gun ọrùn fúláàsìkì títí dé ẹnu ọ̀pá gáàsì. Kódà bí ìfófòó kò bá dé ibẹ̀, híhó tó le ń ta ẹ̀kán ásíìdì kéékèèké sókè, gáàsì á sì gbé wọn lọ. Bí ásíìdì bá dé inú láìmúwọ́tà, òun àti kálísíọ́mù háídírọ́ksáìdì á pa ara wọn, kálísíọ́mù kílóráìdì tó ń yọ́ nínú omi ni wọn á dà, kò ní sí ohun kankan tó kù fún gáàsì láti sọ di funfun. Ẹ tún wo bó ṣe kéré tó: láìmúwọ́tà 10 cm3 yẹn, 0.23 cm3 ásíìdì yín ti tó láti pa á. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò tó ohun tí èèyàn ń rí pé ó kọjá nínú ọ̀pá.

Afurasí kejì ni láìmúwọ́tà fúnra rẹ̀. Bí ìgò rẹ̀ bá ti wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mélòó kan, kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ á ti máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Kò ṣòro láti mọ èwo nínú wọn ló ṣẹ̀ yín. Ẹ bu díẹ̀ nínú láìmúwọ́tà tó kù nínú ìgò sínú tẹ́sìtúùbù mímọ́, kí ẹ fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ èémí yín sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nǹkan bíi 4 nínú 100 èémí tí a ń mí jáde ni kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì. Bí ó bá funfun, láìmúwọ́tà yè, ásíìdì ló jẹ̀bi. Bí kò bá funfun, ẹ da ìgò náà nù kí ẹ ṣe òmíràn: kálísíọ́mù háídírọ́ksáìdì díẹ̀ nínú omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ìgò tí ẹ dé pa, kí ẹ sì da èyí tó mọ́ lókè rẹ̀ sí ìgò mìíràn. Fífẹ́ ni o, kì í ṣe fífà. Ohun tó wà nínú tẹ́sìtúùbù yẹn kò ṣeé gbé mì, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ọmọ tó ti fi sítírọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti kékeré, ẹnu rẹ̀ á fẹ́ fà kó tó rántí.

Tẹ́sìtúùbù tó ti mọ́ gaara lọ́wọ́ yín pàápàá ṣeé bi léèrè. Ẹ gbé e sórí iná kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé gáàsì tó pọ̀ jù ló mú un mọ́, bí ó ti ń gbóná tí ó sì ń hó, kálísíọ́mù bàìkábónéètì á tú ká, gáàsì á jáde, omi á tún funfun lójú yín. Bí ó bá jẹ́ ásíìdì ló pa á, ẹ sè é títí, kò ní funfun. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí yìí ju pépà lítímọ́ọ̀sì lọ níbí, torí omi tí kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀ lè yí lítímọ́ọ̀sì díẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè ṣì yín lọ́nà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́tùlù tí wọ́n ń fi omi kànga líle sè, tí inú rẹ̀ ń di funfun pẹ́kípẹ́kí. Ẹ lè fi í han àwọn ọmọ nínú fídíò náà bí àyè bá wà.

Nípa bí a ó ṣe tún un ṣe, mi ò ní gún ìkarahun náà rárá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha awọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tó tó ẹ̀wà. Fọ́ ọ nínú aṣọ tó nípọn kí èérún rẹ̀ má baà ta sójú. Gíráàmù 2 ti tó. Ásíìdì náà, ẹ dín in sí 1 mol/dm3, kí ẹ lo 20 cm3 péré: 10 cm3 omi, kí ẹ wá da 10 cm3 ásíìdì yín tó wà nílẹ̀ sínú rẹ̀. Móòlù 0.02 HCl yẹn lè fún wa ní 240 cm3 gáàsì, ó ṣì ju ohun tí a nílò lọ, ṣùgbọ́n á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láìmúwọ́tà ni kí ẹ fi kún, 20 cm3 nínú tẹ́sìtúùbù ńlá, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ lójú kámẹ́rà kó tó mọ́. Bí ẹ bá ní ọ̀pá àti kọ́ọ̀kì tó tó, ẹ fi fúláàsìkì kejì sáàárín, kí omi tí bẹ́kìn-sódà díẹ̀ yọ́ sí wà nínú rẹ̀, kí gáàsì gba ibẹ̀ kọjá. Ásíìdì tó bá sá bọ̀ á kú síbẹ̀. Kọ́ọ̀kì fúláàsìkì kejì yìí gbọ́dọ̀ ní ihò méjì, ọ̀pá tó ń wọlé á rì sínú omi, ọ̀pá tó ń jáde kò ní kan omi. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yí méjèèjì padà, gbogbo omi bẹ́kìn-sódà náà ló tú lọ sínú láìmúwọ́tà.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wá kàn. Mo lóye ìdí tí ẹ fi kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá fi máa dé ibi tí ewu wà, ó ti gbàgbé. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìkòròdú, àyẹ̀wò yìí kan náà la ń ṣe, mo sì ti ka gbogbo ìkìlọ̀ dáadáa. Gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì wọ gọ́gù. Ọmọkùnrin tó di fóònù mú ni kò wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó ka òun mọ́ wọn. Ọ̀pá gáàsì dí, ìfófòó ti kún inú rẹ̀, kọ́ọ̀kì fò yọ, ásíìdì tó fò sókè sì bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka kan sí ojú. Omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́jọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì kan tí a fi ń fọ abọ́ la sáré gbé. Ara rẹ̀ yá, kò sí àpá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó di kámẹ́rà mú ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀ ní gọ́gù. Òun ló máa ń súnmọ́ ohun tó ń hó jù, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù, kò sí nínú ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, èmi á fi ìkìlọ̀ méjì péré sí ìbẹ̀rẹ̀: gọ́gù fún gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá títí kan ẹni tó ń ya fídíò, àti kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí a tó ṣí ìgò ásíìdì. Kí àwọn ọmọ rí kẹ́ẹ̀gì náà nínú fídíò, kí ẹ sì sọ ohun tó wà fún: bí ásíìdì tàbí láìmúwọ́tà bá bọ́ sójú, a ó máa da omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, kí a tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Abọ́ omi kan kò lè ṣe ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ìkìlọ̀ tó kù, kí wọ́n jókòó ti ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí wọn nínú gbólóhùn kan náà. Bí ọwọ́ yín bá ti kan ìgò ásíìdì: "Ásíìdì ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, nítorí ibi tí wọ́n ti pàdé ń gbóná, ásíìdì tó pọ̀ sì lè ta padà sí ojú." Bí ẹ bá fẹ́ ki kọ́ọ̀kì bọ ẹnu fúláàsìkì: "Kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá yìí kí o rí i pé kò dí. Gáàsì tí kò bá rí ọ̀nà jáde á ta kọ́ọ̀kì nù." Bí ẹ bá gbé tẹ́sìtúùbù sórí iná: "Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹni tó di fóònù pàápàá, torí omi inú rẹ̀ lè fò jáde lójijì. Má ṣe fi gbogbo ìdí rẹ̀ sórí iná, máa mì í díẹ̀díẹ̀." Ẹ kò ní pé mẹ́wàá mọ́ bí ẹ bá ṣe é báyìí. Èyí tó sọ pé "ẹ ṣọ́ra" lásán, ẹ yọ ọ́, kò sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Ohun tí ẹ sọ pé ẹ ó rí ni kí n dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ yìí ń sọnù sí nígbà ìdánwò WAEC. "Kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì jáde" kì í ṣe ohun tí ojú rí. Ojú rí híhó. Ojú rí gáàsì tí kò ní àwọ̀, imú kò gbọ́ òórùn kan. Ojú rí omi tó funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọpọlọ wá sọ pé ó ní láti jẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì. Nínú sìkírípítì, kí ohùn kan máa sọ ohun tí a rí, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí ohùn mìíràn tó sọ ohun tí a rò pé ó jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí "mọ́ gaara" àti "kò ní àwọ̀" di ohun kan náà lẹ́nu wọn. Omi bọ́lúù tí a lè ríran kọjá nínú rẹ̀ mọ́ gaara, síbẹ̀ ó ní àwọ̀. Kí n má gbàgbé: nínú àkọlé tí ẹ kọ sísàlẹ̀ fídíò, ẹ fi í sílẹ̀ ní "láìmúwọ́tà". Mo ti rí ọmọ tó túmọ̀ rẹ̀ sí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ásíìdì ni omi ọsàn wẹ́wẹ́, òdìkejì rẹ̀ gan-an.

Àsọtẹ́lẹ̀ ohun tí a ó rí gbọ́dọ̀ ní ìtẹ̀léra, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo ṣe máa kọ tiyín nìyí: "Bí ásíìdì bá ti kan ìkarahun, á hó. Ìhó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú láìmúwọ́tà, ṣùgbọ́n omi náà kò tíì ní yí padà, nítorí afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú fúláàsìkì ló kọ́kọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí omi ògì. Níbí, a ó fi tẹ́sìtúùbù kejì rọ́pò ti àkọ́kọ́. Èyí tí a fi sílẹ̀ lórí ọ̀pá á funfun, á dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́." Ẹ rí i pé mi ò fi ìṣẹ́jú sí i. Bí wẹ́wẹ́ ìkarahun ṣe tóbi tó àti bí fúláàsìkì ṣe tóbi tó ló ń pinnu ìyẹn, nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láìya fídíò, kí ẹ fi aago fóònù wọn ọ́n, kí ẹ wá kọ ìṣẹ́jú tiyín síbẹ̀. Ẹ tún fi gbólóhùn kan kún un fún ọmọ tí tirẹ̀ bá yàtọ̀: "Bí tìrẹ kò bá funfun rárá, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì fẹ́ èémí sínú láìmúwọ́tà tuntun kí o mọ̀ bóyá ó yè." Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí kò ní jí èsì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ.

Tẹ́sìtúùbù mẹ́ta ni kí ó wà nínú àwòrán ìkẹyìn. Ọ̀kan ni láìmúwọ́tà tí gáàsì kò kàn rí. Èkejì ni èyí tí ẹ yọ kúrò nígbà tó funfun. Ẹ̀kẹta ni èyí tó tún mọ́. Ẹ to wọ́n síwájú páálí dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́. Páálí funfun tí ọ̀pọ̀ ń lò dára fún àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa funfun rẹ́. Kámẹ́rà fóònù tún ní ìwà kan: bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá ti ń funfun sí i, òun fúnra rẹ̀ á máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ìyípadà náà kò sì ní hàn tó bó ṣe yẹ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ ìka mọ́ tẹ́sìtúùbù lórí ojú fóònù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á dúró lójú kan. Láti ìgbà tí ásíìdì bá ti wọlé títí omi yóò fi tún mọ́, ẹ má gé fídíò náà. Ibi tí ẹ bá ti gé e ni ọmọ tó gbọ́n á ti béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ lè ronú láti lo fínígà dípò háídíróklórìkì. Ó dára fún ohun kan: kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ìfófòó, ewu rẹ̀ fún ojú sì kéré, bí gọ́gù tilẹ̀ ṣì yẹ. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni àkókò, nítorí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé ásíìdì tí wọ́n máa bá pàdé ní gbọ̀ngàn ìdánwò kọ́ nìyẹn. Èmi á ya háídíróklórìkì fún ilé-ìwé, kí n wá sọ ní gbangba pé ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú nílé, fínígà àti èèpo ẹyin nìkan ni, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí bí ẹ bá kàn ní "ẹ má ṣe é nílé", wọ́n á wá ásíìdì kiri. Èyí tó súnmọ́ wọn jù ni ti bátìrì ọkọ̀ lọ́wọ́ rewáyà, ìyẹn sì jẹ́ sọ́fúríìkì ásíìdì tó le ju èyí tí a lò nínú kíláàsì lọ fíìfíì. Kò tilẹ̀ ní ṣiṣẹ́ fún wọn: á hó díẹ̀, kálísíọ́mù sọ́féètì á bo wẹ́wẹ́ ìkarahun náà, híhó á dúró. Èyí tó kejì ni omi tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, tí àwọn kan nínú wọn ní HCl nínú. Bí wọ́n bá da ìyẹn pọ̀ mọ́ bílíìṣì tó ń fọ aṣọ, gáàsì kílórìn tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe ni yóò jáde. Ìkìlọ̀ kan yìí tóbi ju mẹ́sàn-án tó kù lọ nínú sìkírípítì yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ojú pátákó dípò ìkarahun: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí à ń rà ni wọ́n fi kálísíọ́mù sọ́féètì ṣe, kì í hó nínú ásíìdì.

Mo ní láti sọ ibi tí agbára àyẹ̀wò yìí mọ. Láìmúwọ́tà tó funfun nìkan kò tó láti búra pé kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì ni. Gáàsì sọ́fọ̀ dàyọ́ksáìdì náà ń sọ ọ́ di funfun, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó ń mú un mọ́ padà. Òórùn rẹ̀ tó ń ta ni nímú bí ìgbà tí a ṣá ìṣáná ni a fi ń yà á sọ́tọ̀. Nítorí èyí ni "kò ní òórùn" fi gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbóòórùn, kí wọ́n fi ọwọ́ fẹ́ díẹ̀ wá sí imú láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹnikẹ́ni má ti imú bọ ẹnu fúláàsìkì. Ẹ̀wẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ya ti ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí náà ìfófòó tí mo fi ẹ̀sùn kàn jẹ́ ohun tí mo rò láti inú bí ẹ ṣe ṣàlàyé. Èémí inú sítírọ́ọ̀ ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Fídíò àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ya apá kan sí i tí ẹ ti gbé tẹ́sìtúùbù tó mọ́ náà sórí iná títí yóò fi tún funfun, kí ẹ so ó mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti da omi yẹn nù, tiyín tuntun á ṣe iṣẹ́ kan náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lo gíráàmù 2 àti ásíìdì 1 mol/dm3. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi tí ẹ ti gbé fóònù pẹ́ jù, kí ẹ sì dá fídíò dúró níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a kò rí i.